Nígbà tí nǹkan oṣù bá dá nítorí eré ìdárayá líle, rírù kíákíá tàbí másùnmáwo: ohun tí ẹ máa ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tó bá padà

Nǹkan oṣù lè dá láìsí oyún, kí ó sì dá láìsí àrùn kankan nínú ilé ọmọ. Obìnrin tó ń sáré lójoojúmọ́ tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó, obìnrin tó rù láàárín oṣù díẹ̀, àti èyí tí ìdààmú ọkàn ti ń bá fínra tipẹ́, gbogbo wọn lè rí i pé oṣù kan kọjá, èkejì kọjá, ẹ̀jẹ̀ kò wá. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe, láàárín Àjàṣẹ́ àti Kétu. Ohun tí mo ń rí ni pé àgbo tí wọ́n ní ó ń ṣí ọ̀nà ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń wá lọ sọ́jà, tàbí oògùn oníhóró tí ọ̀rẹ́ wọn lò. Owó á ti tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ìdí rẹ̀ wà níbẹ̀ kò sì tíì sí ẹni tó mẹ́nu kàn án.

Kí ẹ tó tẹ̀lé ìgbésẹ̀ kankan, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, ibi kékeré kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní ìpótálámúùsì. Ibẹ̀ ló ń mọ̀ bí ebi bá ń pa wá, bí òtútù bá ń mú wa, bí ẹ̀rù bá ń bà wá. Ibẹ̀ náà ló ń rán họ́mọ̀nù kan, ìyẹn èròjà tó ń jíṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ara, lọ sí ẹṣẹ́ kékeré, ẹ̀yà ara tó ń ṣe họ́mọ̀nù, tó wà lábẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní bíi wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀ síra. Ẹṣẹ́ náà á wá rán tirẹ̀ lọ sí ilé ẹyin. Ilé ẹyin á mú ẹyin kan gbó, á sì máa ṣe ẹsitirójẹ̀nì, họ́mọ̀nù tó ń mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn. Bí ẹyin bá jáde tí oyún kò dúró, awọ náà á ṣí kúrò, òun àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ la ń pè ní nǹkan oṣù.

Bí oúnjẹ tó ń wọlé kò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, ìpótálámúùsì á dín ìránṣẹ́ yẹn kù. Ó ń ṣe bí ìyá ilé tí owó ọjà rẹ̀ dín: gaàrí àti ata á wọlé, aṣọ ọdún á dúró ná. Ọkàn gbọ́dọ̀ máa lù, ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ máa mí, ṣùgbọ́n oyún lè dúró di ìgbà tí nǹkan bá rọ̀ṣọ̀mù. Bí ìránṣẹ́ láti orí bá ti dín, ẹyin kò ní gbó, ẹsitirójẹ̀nì á lọ sílẹ̀, awọ inú ilé ọmọ kò sì ní nípọn.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fara balẹ̀ dá àwọn ìyá lóhùn nígbà tí wọ́n bá bi mí pé, “Ìyá agbẹ̀bí, ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde yìí, ibo ló ń kó sí?” Nínú irú èyí, kò kó síbì kankan. Awọ tí kò nípọn kò ní ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ dà sílẹ̀, nítorí náà kò sí ìdọ̀tí tí àgbo máa fọ̀ jáde, kò sì sí ọ̀nà tó dí. Ẹni tó bá mu àgbo tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru láti “fọ inú” tún ń da oúnjẹ díẹ̀ tó jẹ nù ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀

Ẹ kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wá kẹ́yìn sínú kàlẹ́ńdà tàbí fóònù, kí ẹ sì gbìyànjú láti rántí ti oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀. Fún àgbàlagbà obìnrin, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ oṣù kan sí ọjọ́ àkọ́kọ́ èkejì máa ń wà láàárín ọjọ́ 21 sí 35. Oṣù kan ṣoṣo tó fò kò tíì tó kí a máa sá kiri, bí kò bá ti sí oyún. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí àlàfo ń ju ọjọ́ 45 lọ léraléra, ó ti tó ohun tí a ń lọ wádìí. Ọmọbìnrin tó pé ọdún 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù rí náà, ẹ mú un wá.

Ó máa ń fún èèyàn ní àmì kí ó tó dá pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wá fún ọjọ́ márùn-ún á di ọjọ́ méjì, á sì máa kán tótó. Àlàfo á máa gùn sí i, ọjọ́ 30, lẹ́yìn náà 38, lẹ́yìn náà 50. Ẹni tó bá ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ á ti rí i níbí, níbi tí ó ṣì rọrùn láti tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ oyún àti oògùn kúrò lọ́kàn

Oyún ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, kódà bí obìnrin náà bá rù, kódà bí ó bá búra. Ẹ ra ohun àyẹ̀wò ìtọ̀ ní fáámásì, ẹ lo ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá tọ̀ láàárọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tó kẹ́yìn tí àyẹ̀wò kò sì rí oyún, ẹ lè gbà á gbọ́. Bí kò bá tíì pé bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí, èyí tí wọ́n ń gbà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń dá nǹkan oṣù dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ó sì lè pẹ́ tó oṣù púpọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn kí ó tó padà. Ọ̀pá tí wọ́n ń fi sí apá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lọ́sàn-án lóru kò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rù bí nǹkan oṣù kò bá tíì padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwọn àmì tó ń tọ́ka síbòmíràn

Kí ẹ má kàn sọ pé eré ìdárayá ló fà á. Bí omi bíi wàrà bá ń jáde lọ́mú ẹni tí kò tọ́ ọmọ, pàápàá pẹ̀lú orí fífọ́ àti ojú tó ń ṣú, dókítà ló gbọ́dọ̀ rí i kíákíá. Bí irun bá ń hù ní àgbọ̀n àti àyà, tí irorẹ́ sì pọ̀ lójú, ilé ẹyin ni a máa yẹ̀ wò. Bí ara bá ń gbóná bùlà tí òógùn sì ń bo obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún lóru, ó lè jẹ́ pé ilé ẹyin ti fẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́ ṣáájú àkókò. Bí inú bá ń run ọmọbìnrin kan lóṣooṣù, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde rí, tirẹ̀ lè jẹ́ ọ̀nà tó dí lóòótọ́.

Méjì míì wà tí mo fẹ́ kí àwa níhìn-ín máa rántí. Ẹni tó bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ gidigidi, tí omi ọmú kò sì wá, tí nǹkan oṣù kò padà, ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ rẹ̀ lè ti bàjẹ́ lọ́jọ́ ìbímọ yẹn. Èkejì ni ẹni tó ń rù láìmọ̀dí: bí ikọ́ bá wà, tí ibà ń wá ní ìrọ̀lẹ́, tí òógùn ń bo ó lóru, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni a ń wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ díẹ̀. Ẹni tó rù nítorí ó fẹ́ rù yàtọ̀ sí ẹni tó rù tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣírò ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní Àjàṣẹ́, ọmọ ọdún 21, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan àti sẹ̀ǹtí 65. Kílò 62 ni nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ kí aṣọ ẹbí bọ́ sí i lára dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní ìdájí, kílómítà mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀, tíì tí kò ní mílíìkì àti búrẹ́dì bíńtín. Lọ́sàn-án, àkàsà pẹ̀lú ata àti ẹja kékeré kan, láìsí epo. Lálẹ́, ìrẹsì díẹ̀ àti ọsàn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó ti di kílò 51. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá láti ìgbà tó ti wà ní kílò 55.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n níbì kan, wọ́n ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú gíga rẹ̀, wọ́n rí 18.7, wọ́n ní ó dára, nítorí 18.5 ni ààlà ẹni tó rù jù. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ṣe máa ń wọlé. Ìwọ̀n ara lójú kò sọ fún wa bóyá oúnjẹ tó ń kù fún ara tó. Obìnrin tó ṣì sanra díẹ̀ pàápàá lè pàdánù nǹkan oṣù bí ó bá rù kíákíá.

Ìṣirò tó ń sọ òtítọ́ ni èyí. Ẹ mú kálórì tó jẹ lójúmọ́, ẹ yọ èyí tí eré gbà kúrò, ẹ wá fi ìwọ̀n ara rẹ̀ láìka ọ̀rá pín ohun tó kù. Ìyẹn ni iye tó kù fún kílò kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù. Oúnjẹ ọmọbìnrin yìí jẹ́ bíi 1,300. Sísá kílómítà kan máa ń gba nǹkan bíi kálórì kan fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kílómítà mẹ́jọ fún ẹni kílò 51 gba bíi 400. Ó ku 900. Ara rẹ̀ láìka ọ̀rá tó kílò 42. Ẹ fi 42 pín 900, ẹ máa rí bíi 21.

Bí nǹkan bá dára, ó yẹ kí ó sún mọ́ 45. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ara wọn le yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé bí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ 30, ìránṣẹ́ ọpọlọ sí ilé ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú láàárín ọjọ́ márùn-ún péré. 30 kì í ṣe ògiri tí gbogbo obìnrin máa kọlù lọ́jọ́ kan náà. Ti ẹlòmíràn á dá ṣáájú ibẹ̀, ti ẹlòmíràn á pẹ́. Ṣùgbọ́n 21 kò fi iyèméjì sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹni tó ń sáré ní pápá ìṣeré nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Obìnrin tó ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko wá sílé ní ọ̀nà Kétu, tó ń rin ín, tó ń fún un, tó ń yan gaàrí nídìí iná títí di alẹ́, eré ìdárayá tirẹ̀ ju ti ẹni tó ń sáré lọ. Bí ó bá tún ń gba ààwẹ̀ tó gùn, tàbí tó ń fi oúnjẹ tirẹ̀ fún àwọn ọmọ, ìṣirò kan náà ló ń bá a jà. Òun kò fẹ́ rù rárá, ara rẹ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀.

Ẹ kọ ìwọ̀n ara, oúnjẹ, eré tàbí iṣẹ́, àti oorun ti oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà tó dá. Bí ẹ kò bá mọ ìṣirò kálórì, ẹ kàn kọ ohun tí ẹ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì mú ìwé náà dání lọ bá agbẹ̀bí tàbí dókítà. Ìwé yẹn wúlò ju gbogbo ohun tí ẹ lè fẹnu sọ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó ń sọ pé másùnmáwo tàbí rírù ló dá nǹkan oṣù dúró. Yíyọ àwọn yòókù kúrò la fi ń mọ̀ ọ́n. Dókítà á ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún nínú ẹ̀jẹ̀, họ́mọ̀nù ẹṣẹ́ ọrùn, họ́mọ̀nù tó ń fa wàrà ọmú, àti àwọn họ́mọ̀nù méjì tí ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ ń rán sí ilé ẹyin, pẹ̀lú ẹsitirójẹ̀nì fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tí à ń sọ yìí, ẹsitirójẹ̀nì á lọ sílẹ̀, àwọn họ́mọ̀nù méjì yẹn á sì lọ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n wà níbi tó yẹ lójú lásán. Bí ilé ẹyin ló bàjẹ́ ni, wọ́n á ròkè, nítorí orí ń pariwo tí ilé ẹyin kò dáhùn. Àwòrán ikùn náà lè wáyé, kí wọ́n lè rí ilé ọmọ àti ilé ẹyin.

Bí owó gbogbo rẹ̀ kò bá sí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bi dókítà èwo ló ṣe kókó jù fún àmì tí ẹ ní. Èyí kì í ṣe ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ fo àyẹ̀wò oyún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dá oúnjẹ padà, ẹ sì dín eré kù

Oògùn àìsàn yìí ni oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ó ń dun ẹni tó ti jìyà láti rù kí wọ́n sọ fún un pé kí ó tún sanra díẹ̀. Ọmọbìnrin tí mo sọ yìí sunkún nígbà tó gbọ́ ọ. A kò sọ fún un pé kí ó padà sí 62. A sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ kúrò ní 51.

A fi bíi 360 kálórì kún oúnjẹ rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyẹn kò tó nǹkan lójú: ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan tó bíi 170, ṣíbí ìjẹun epo pupa kan tó 120, ẹyin adìyẹ kan tó bíi 70. Epo padà sínú ọbẹ̀, ẹyin wọ oúnjẹ àárọ̀, ẹ̀pà di ohun tó ń jẹ nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a tún fi bíi 300 kún un: mílíìkì sínú tíì, àkàsà kejì, ẹ̀wà pẹ̀lú ìrẹsì lọ́sàn-án. A ń fi kún un bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó fi di oṣù kejì, ó ti ń jẹ bíi 2,200 lójúmọ́. Ó sọ fún mi pé ikùn òun ń wú ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, ikùn tí a ti febi pa máa ń lọ́ra láti da oúnjẹ. Oúnjẹ kékeré ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà ló rọrùn fún un ju ẹ̀ẹ̀mẹta ńlá lọ.

Ẹ má yọ ohunkóhun kúrò nínú oúnjẹ nítorí pé ẹ gbọ́ pé ó ń mú ni sanra. Epo àti iyán àti àkàsà ni ọpọlọ ń wò kí ó tó gbà pé ìyàn ti kọjá. Fún egungun, ẹ jẹ ẹja kékeré gbígbẹ tí a ń jẹ tòun teegun rẹ̀, wàrà àwọn Fúlàní tó wà lọ́jà Kétu àti Sábẹ̀, àti ẹ̀fọ́ aláwọ̀ ewé.

Ní ti eré, ó ní irora kan lójú egungun ojúgun ọ̀tún, tó máa ń dun ún bí a bá fi ìka kan tẹ ẹ́, tó sì ń dun ún lóru. Irora tó wà lójú kan bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, a máa ń kà á sí egungun tó ti ń sán títí a ó fi rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ní kí ó má sáré rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ó máa rìn jẹ́jẹ́ níwọ̀n tí kò bá ti dun ún. Ẹni tí kò ní irú irora bẹ́ẹ̀ lè máa ṣe eré, ṣùgbọ́n kí ó dín in kù gan-an, kí ó sinmi fún ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí ó sì jẹun kí ó tó sáré àti lẹ́yìn tó bá sáré.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín. Bí ọkàn bá ń lù tí kò tó àádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ jókòó jẹ́jẹ́, bí òòyì bá ń kọ́ yín tí ẹ ń dákú nígbà tí ẹ bá dìde, tàbí tí ẹ kò tíì jẹ nǹkan gidi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ púpọ̀ nílé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí dídá oúnjẹ padà lójijì fún ẹni tó ti febi para pátápátá lè da omi àti iyọ̀ ara rú, ó sì lè pa èèyàn. Ẹni tó ń bì lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tí ẹ̀rù oúnjẹ ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀, nílò dókítà ọpọlọ pẹ̀lú.

Bí ó bá jẹ́ másùnmáwo nìkan

Nígbà mìíràn, ìwọ̀n ara kò yí padà, eré kò sì pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò Bàákì, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, ọmọ tí wọ́n rán lọ gbé ilé ẹni tí kò mọ̀: ìpótálámúùsì tó ń gbọ́ ebi náà ló ń gbọ́ ẹ̀rù. Bí ara bá ń ṣe họ́mọ̀nù másùnmáwo púpọ̀ lójoojúmọ́, ìránṣẹ́ sí ilé ẹyin á dín kù.

Lójú mi, èyí tí a ń fò jù ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà dá wá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dán an wò lára ọ̀bọ, ìdààmú díẹ̀ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ba nǹkan oṣù jẹ́, oúnjẹ tó dín díẹ̀ pẹ̀lú eré díẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ bà á jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀bọ náà ni nǹkan oṣù wọn dàrú. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fo oúnjẹ àárọ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ tó jìnnà, tí kò sì ń sùn ju wákàtí márùn-ún lọ, kò sí ọ̀kan tó le jù nínú wọn, àpapọ̀ wọn ló dá a.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ yín tó. Oorun wákàtí méje sí mẹ́jọ, oúnjẹ àárọ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fò, àti ẹnì kan tí ẹ lè jókòó tì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yín dópin. Nínú ìwádìí kékeré kan tó jáde ní 2003, obìnrin mẹ́jọ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí bá onímọ̀ ọkàn sọ̀rọ̀ déédéé fún ogún ọ̀sẹ̀, wọ́n ń tún ìrònú wọn nípa oúnjẹ àti ìdààmú ṣe. Mẹ́fà nínú wọn ni ẹyin wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, nígbà tí ó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú mẹ́jọ tí wọ́n kàn ń wò láìṣe nǹkan kan. Iye wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mo ń rí mu.

Oògùn oníhóró tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá

Bí ẹ bá lo oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí oníhóró, ẹ̀jẹ̀ á wá lóṣooṣù, inú gbogbo ilé á sì dùn. Ẹ̀jẹ̀ yẹn wá nítorí pé ẹ dá oògùn dúró fún ọjọ́ díẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ẹyin jáde. Kò sọ fún wa pé ọpọlọ ti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń bo ohun tí à ń wò mọ́lẹ̀. Kò dáàbò bo egungun bí ènìyàn ṣe rò. Ẹni tó nílò rẹ̀ láti má lóyún lè lò ó, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀.

Egungun sì ni mo ń bẹ̀rù fún jù. Títí di ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún ni ọmọbìnrin fi ń kó egungun jọ, ẹsitirójẹ̀nì ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Ọdún kan tàbí méjì tí ẹsitirójẹ̀nì kò fi sí lọ́jọ́ orí yìí lè má ṣeé san padà tán. Bí oṣù mẹ́fà bá ti kọjá tí nǹkan oṣù kò wá, ẹ béèrè àyẹ̀wò tó ń wọn egungun, níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà. Bí ẹ bá sì ti jẹun tí ẹ sinmi fún oṣù mẹ́fà sí méjìlá tí kò padà, dókítà lè fún yín ní ẹsitirójẹ̀nì tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ara fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú họ́mọ̀nù kejì tó ń dáàbò bo ilé ọmọ. Ìyẹn yàtọ̀ sí oògùn oníhóró inú fáámásì.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń padà

Ọwọ́ tó ń tutù á kọ́kọ́ máa móoru. Oorun á dára, irun á dín jíjá kù, ìrònú oúnjẹ tó gba gbogbo ọjọ́ á fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, omi ojú ara á yí padà, á dà bí funfun ẹyin adìyẹ, á máa fà. Ó túmọ̀ sí pé ẹsitirójẹ̀nì ti ń ròkè. Bí ẹyin bá jáde lóòótọ́, nǹkan oṣù á tẹ̀lé e lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìyẹn: ẹyin ṣáájú ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó ń ní ìbálòpọ̀ lè lóyún kí ó tó rí nǹkan oṣù kankan. Ẹni tí kò bá fẹ́ oyún báyìí, kí ó lo kọ́ńdọ̀mù láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ọmọbìnrin Àjàṣẹ́ yẹn rí tirẹ̀ ní oṣù keje, nígbà tó ti dé kílò 57. Ọjọ́ méjì péré ni, ó sì kán díẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e gba ọjọ́ 41, èyí tó tẹ̀lé ìyẹn gba 33. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, kò ní bọ́ sípò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn mìíràn sì máa ń jù ọdún kan lọ. A jẹ́ kí ó rí mẹ́ta tó tẹ̀léra kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ eré, kílómítà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ kí ó tó jáde nílé. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fi kílómítà kan kún un, ó ń dúró de nǹkan oṣù mìíràn ná. Bí àlàfo bá ju ọjọ́ 35 lọ, kò ní fi kún un, á sì fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan kún oúnjẹ rẹ̀.